Próòfù ti lọ, oníbàárà ò fèsì: báwo ni ká ṣe parí ímeèlì kí ìdáhùn tó dé lọ́jọ́ tí a fẹ́?

Onítẹ̀wé Mókólá (Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 2025)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Kàlẹ́ńdà ara ògiri 500 ti ilé ìwé kan ní Bódìjà wà lọ́wọ́ wa. Wọ́n fẹ́ gbà á lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá, kí àwọn ọmọ tó lọ ìsinmi Kérésìmesì. Ọ̀túnla, ní Ọjọ́bọ̀, ni mo fẹ́ fi próòfù ránṣẹ́ sí olùdarí ilé ìwé náà. Bí ímeèlì wa ṣe máa ń parí rèé:

> Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ jẹ́ ká mọ èrò yín. Ẹ tún bá wa fi lógò tó mọ́ ju èyí lọ ránṣẹ́ bó bá wà. Ẹ má gbàgbé owó àsansílẹ̀. Bí ìbéèrè bá wà, ẹ lè pe èyíkéyìí nínú àwọn nọ́ńbà wa nísàlẹ̀. À ń retí yín láìpẹ́. Ẹ ṣeun púpọ̀.

Àwọn oníbàárà kì í tètè fèsì sí i. Kí ni kí n yí padà?

Ìyá Apẹtẹ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó jọ pé ẹ ti gbàgbé ìparí lẹ́tà bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ìwé. "Èmi ni tiyín ní tòótọ́" ló yẹ kó kẹ́yìn, lẹ́yìn náà orúkọ yín, lẹ́yìn náà ipò yín. "Ẹ ṣeun púpọ̀" nìkan kò tó fún ilé ìwé ńlá.

Akọ̀wé Àgbà

Ìyá Apẹtẹ, ìdágbére nìyẹn, kò sì burú. Ohun tí Onítẹ̀wé ń bèèrè wà lókè rẹ̀ díẹ̀, ìyẹn gbólóhùn tó kẹ́yìn kí ìdágbére tó dé. Ibẹ̀ ni ẹni tó ń ka ímeèlì ti ń wá ohun tí wọ́n fẹ́ kó ṣe.

Onítẹ̀wé, ẹ ka iye nǹkan tí ẹ bèèrè: kí wọ́n yẹ próòfù wò, kí wọ́n sọ èrò wọn, kí wọ́n wá lógò, kí wọ́n sanwó, kí wọ́n pè yín. Márùn-ún ni. Ẹ wá fojú olùdarí yẹn wò ó. Ó ṣí ímeèlì lórí fóònù láàárín ìpàdé méjì. Lógò kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ yà á ló wà. Bọ́sà ló ni ọ̀rọ̀ owó. Próòfù nìkan ni ì bá lè dáhùn lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò fẹ́ fèsì ní ìdajì, ló bá gbé gbogbo rẹ̀ tì di ìgbà tó bá rí àwọn yòókù. Ìbéèrè tó le jù nínú márààrún ló ń pinnu ọjọ́ tí ìdáhùn á dé. Ìdí tí wọn kì í fi í tètè dá yín lóhùn nìyẹn, kì í ṣe pé wọ́n ń fojú kéré yín.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: èwo nínú márùn-ún ni iṣẹ́ kò lè tẹ̀síwájú láìsí i lọ́sẹ̀ yìí? Ìfọwọ́sí próòfù ni. Ẹ fi í sílẹ̀ nìkan, kí ẹ wá ibòmíràn fún àwọn yòókù. Bí lógò kò bá mọ́ tó láti tẹ̀, ẹ bèèrè rẹ̀ lónìí, kí próòfù tó lọ rárá, torí pé próòfù tí lógò rẹ̀ máa yí padà kì í ṣe próòfù tí ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ sí. Bó bá mọ́ tó, ẹ má dárúkọ rẹ̀ mọ́. Owó àsansílẹ̀ ń tẹ̀lé ìfọwọ́sí, nítorí náà ẹ fi ìwé owó ránṣẹ́ sí bọ́sà nínú ímeèlì tirẹ̀ lọ́jọ́ tí ìfọwọ́sí bá wọlé. Nọ́ńbà fóònù yín ti wà lábẹ́ orúkọ yín, kò nílò gbólóhùn kan lọ́tọ̀. Àti pé ẹ kọ nọ́ńbà kan ṣoṣo síbẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin ń jẹ́ kí èèyàn pe ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ náà.

Ó wá ku "èrò yín". Èèyàn kò mọ ìgbà tí òun parí sísọ èrò. Ẹ sọ irú ìdáhùn tí ẹ fẹ́ rí gan-an, kó jẹ́ ohun tí wọ́n lè fi àtàǹpàkò tẹ̀ lórí fóònù:

> Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fèsì sí ímeèlì yìí pẹ̀lú "Ẹ máa tẹ̀ ẹ́", tàbí kí ẹ kọ àtúnṣe tí ẹ fẹ́ àti ojú ìwé tó wà.

Ohun kan ṣoṣo nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà méjì ló lè gbà dé. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ló kù, màá padà wá sórí rẹ̀ nírọ̀lẹ́.

ỌmọBódìjà

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ kò le rárá. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Bí a kò bá gbọ́ nǹkan kan lọ́dọ̀ yín títí di ọjọ́ Ẹtì, a ó gbà pé ẹ ti fọwọ́ sí i, a ó sì tẹ̀ ẹ́." Wọ́n á fèsì kíákíá. Bí wọn kò bá sì fèsì, iṣẹ́ yín kò dúró. Ọ̀nà tó dájú jù nìyẹn.

Àǹtí Ẹlẹ́kalẹ̀

ỌmọBódìjà, apá kan ọ̀rọ̀ yín tọ̀nà: ó dára kí ímeèlì sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ìdáhùn kò bá dé. Ṣùgbọ́n ẹ má fi dídákẹ́ ṣe ìfọwọ́sí nínú iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Ká ní orúkọ alága ilé ìwé wọ̀ ní àṣìkọ, tí ìwé 500 sì ti jáde, ta ló máa sanwó ìwé mìíràn? Ilé ìwé á ní àwọn kò sọ pé kí ẹ tẹ̀ ẹ́, òtítọ́ ni wọ́n sì sọ. Ó tún ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ímeèlì náà bọ́ sínú Spam, kí wọ́n má tilẹ̀ rí i.

Irú gbólóhùn yẹn dára fún ohun tó ṣeé yí padà láìsí owó: "Bí n kò bá gbọ́ nǹkan kan, agogo 10 la ó bẹ̀rẹ̀ ìpàdé." Fún ohun tí kò ṣeé yí padà, ohun tí dídákẹ́ ń fà gbọ́dọ̀ jẹ́ ìdádúró. Ẹ kọ ọ́ pé bí ìdáhùn bá kọjá ọjọ́ báyìí, ọjọ́ tí kàlẹ́ńdà máa jáde á sún sí ọjọ́ báyìí. Òtítọ́ ni, kò sì halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni.

ỌmọBódìjà

Mo gbà fún ti oníbàárà tuntun. Ṣùgbọ́n ẹni tí èèyàn ti bá ṣiṣẹ́ pẹ́, tí ẹ jọ kọ ọ́ sínú àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé dídákẹ́ ìfọwọ́sí ni, mi ò rí aburú níbẹ̀.

Àǹtí Ẹlẹ́kalẹ̀

Bó bá wà nínú àdéhùn tí wọ́n ti fọwọ́ sí, ẹ̀tọ́ yín ni. Síbẹ̀, èmi kì í fi í tẹ ohun tí orúkọ èèyàn wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi èyí síbẹ̀.

Akọ̀wé Àgbà

Mo ti dé o. Ọjọ́ tí ẹ máa kọ kò gbọdọ̀ jẹ́ ọjọ́ tó kàn wù yín. Ẹ̀yìn la ti ń kà á wá, láti ọjọ́ tí ẹ máa kó kàlẹ́ńdà dé ilé ìwé. Onítẹ̀wé, ẹ sọ fún wa, ọjọ́ mélòó ni iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbà ní ṣọ́ọ̀bù yín?

Onítẹ̀wé Mókólá

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ìwé rírà àti pléètì ṣíṣe máa ń gba ọjọ́ iṣẹ́ méjì. Títẹ̀, gbígbẹ, gígé àti fífi irin sí orí rẹ̀ ń gba márùn-ún, torí iná tí kò dúró. Kíkà á, dídì í àti gbígbé e lọ gba ọjọ́ kan. Lógò wọn mọ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀ ẹ́ wò.

Akọ̀wé Àgbà

Ó dára. Ọjọ́ Ẹtì ọjọ́ 12 ni kàlẹ́ńdà gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà, Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ 11 ni ẹ máa dì í, tí ẹ máa gbé e lọ. Ọjọ́ márùn-ún tí ẹ fi máa tẹ̀ ẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ 4, ó parí ní Ọjọ́rú ọjọ́ 10, torí pé a kò ka Àbámẹ́ta àti Àìkú mọ́ ọn. Ìwé àti pléètì bọ́ sí Ìṣẹ́gun ọjọ́ 2 àti Ọjọ́rú ọjọ́ 3. Ẹ fi ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 1, sílẹ̀ fún àtúnṣe, torí ilé ìwé kì í fọwọ́ sí próòfù àkọ́kọ́ láìrí nǹkan kan. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá, ni ìdáhùn gbọ́dọ̀ ti wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ iṣẹ́ ti pẹ́.

Ẹ má kọ ọjọ́ 28 sínú ímeèlì gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tí ẹ ń retí ìdáhùn o! Ìyẹn ni ọjọ́ tí ọ̀ràn ń bàjẹ́. Ọjọ́ tí ẹ máa kọ gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́ kan ó kéré tán, kí àyè lè wà fún yín láti pè wọ́n. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 27, agogo 12 ọ̀sán ló tọ́. Àǹfààní mìíràn tún wà níbẹ̀: lọ́jọ́ Ẹtì ní Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ èèyàn ti jáde lọ kírun Jímọ̀ lẹ́yìn agogo 12, àwọn mìíràn ti gba ọ̀nà Èkó lọ síbi ayẹyẹ Àbámẹ́ta. Ìdáhùn tí ẹ bá ń retí ní ìrọ̀lẹ́ Ẹtì, ọjọ́ Ajé ló máa ń dé.

Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ 20, wọ́n ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ìyẹn tó fún próòfù kàlẹ́ńdà. Bí ẹ bá fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n á gbé e tì títí wọ́n á fi gbàgbé. Bí ẹ bá sì fún wọn ní ọjọ́ kan, kò ní rọrùn fún wọn láti fi han ẹlòmíràn tó yẹ kó rí i.

Nípa bí ẹ ṣe máa kọ ọ́: orúkọ ọjọ́, nọ́ńbà rẹ̀, oṣù rẹ̀ ní ọ̀rọ̀, àti agogo. Orúkọ ọjọ́ àti nọ́ńbà ń ṣọ́ ara wọn. Bí ẹ bá ṣèèṣì kọ "Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ 28", ẹni tó ń kà á á rí i pé wọn kò bára mu, á sì béèrè. Ẹ má kọ 4/12 rí: ẹni tó bá kàwé ní Amẹ́ríkà á kà á sí ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin. "Láàárín ọjọ́ mẹ́ta" náà kò dára, torí pé ẹlòmíràn á ka òní mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bí àwọn bàbá wa ṣe ń ka ọjọ́ ọjà, ẹlòmíràn á bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀la. "Láìpẹ́" kì í ṣe ọjọ́ rárá.

Bàbá Òkè-Àdó

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti òkè. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ má bínú, ṣé olùdarí ilé ìwé, àgbàlagbà tó ṣeé ṣe kó ju ìyá yín lọ, ni ẹ máa yan ọjọ́ àti agogo fún? Nílẹ̀ wa, ọmọdé kì í sọ fún àgbà pé "agogo 12 ni kí ẹ ti dá mi lóhùn". Ìdí tí àwọn èèyàn fi ń kọ "láìpẹ́" nìyẹn, ọ̀wọ̀ ló fà á.

Akọ̀wé Àgbà

Bàbá, ẹ ṣeun, ọ̀rọ̀ gidi lẹ sọ, òun ló sì ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró. Ohun tó ń mú kí ọjọ́ dà bí àṣẹ ni pé kò ní ìdí lẹ́yìn. Bí ìdí bá ṣáájú, tó sì jẹ́ ti àgbà fúnra rẹ̀, iṣẹ́ ló yan ọjọ́, kì í ṣe ọmọdé. Ẹ gbọ́ ìyàtọ̀ méjèèjì létí yín:

> Ẹ fèsì kí agogo 12 ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ tó lù.

> Kí kàlẹ́ńdà lè tẹ̀ yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ 12 oṣù Kejìlá bí ẹ ṣe fẹ́, ẹ jọ̀wọ́ mà, ẹ bá wa fèsì kí ó tó di agogo 12 ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá.

Ọjọ́ kan náà ni, agogo kan náà. Ìkejì rán wọn létí ohun tí àwọn fúnra wọn bèèrè. Ẹ ṣàkíyèsí pé "ẹ jọ̀wọ́" kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Bí ẹ bá tún fi "bí àyè bá yọ" tàbí "ìgbà tó bá wù yín" sí i, ẹ ti fọwọ́ ara yín pa ọjọ́ náà rẹ́.

Bàbá Òkè-Àdó

Ìkejì yẹn kò bí mi nínú. Síbẹ̀, bó bá jẹ́ pé àgbà náà ju ẹni ọgọ́rin ọdún lọ, èmi á kọ́kọ́ pè é lórí fóònù, màá wá fi ímeèlì tẹ̀ lé e.

Akẹ́kọ̀ọ́ Agbowó

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tèmi jọ ọ́. Mo fẹ́ kí ọ̀jọ̀gbọ́n mi ní Yunifásítì Ìbàdàn kọ lẹ́tà ìdámọ̀ràn fún mi. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá, ni wọ́n máa ti ojú òpó tí lẹ́tà náà máa gbà wọlé pa. Mo ti so ìwé ẹ̀rí, ìtàn iṣẹ́ mi àti àpẹẹrẹ lẹ́tà mọ́ ímeèlì, mo sì parí rẹ̀ pé "ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi fi lẹ́tà náà síbẹ̀ kí ọjọ́ 15 tó pé." Ṣé ó dára?

Àǹtí Ẹlẹ́kalẹ̀

Kò tíì dára, àbúrò. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ nílò lọ́wọ́ wọn kọ́ ni lẹ́tà. "Bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "rárá" ni. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n kò bá ní lè kọ ọ́, ó yẹ kí ẹ ti mọ̀ nígbà tí àyè ṣì wà láti wá ẹlòmíràn. Nítorí náà, ímeèlì àkọ́kọ́ á parí pẹ̀lú ìbéèrè kan: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé ẹ lè kọ lẹ́tà ìdámọ̀ràn fún mi? Màá dúpẹ́ bí mo bá rí ìdáhùn yín kí ó tó di Ọjọ́rú, ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá, kí n lè fi àwọn ìwé tó yẹ ránṣẹ́ sí yín lọ́jọ́ kejì." Tí wọ́n bá ti gbà, ímeèlì kejì á gbé ìwé gbogbo lọ, á sì ní ọjọ́ tirẹ̀. Ẹ fi Ọjọ́rú ọjọ́ 10 síbẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ 15. Ẹ sọ fún wọn pé ọjọ́ 15 ni òpó máa tì, ẹ má fi pamọ́ fún wọn, ṣùgbọ́n ọjọ́ 10 ni kí ẹ bẹ̀bẹ̀ fún.

Akẹ́kọ̀ọ́ Agbowó

Ẹ ṣé gan-an mà. Mo ti yọ àwọn ìwé tí mo so mọ́ ọn kúrò.

Onítẹ̀wé Mókólá (Ọjọ́rú, ọjọ́ 19)

Mo ti tún tèmi kọ. Ẹ bá mi wò ó:

> Próòfù kàlẹ́ńdà 2026 yín, tó ní ojú ìwé méje, wà nínú PDF tí a so mọ́ ímeèlì yìí.
>
> Kí kàlẹ́ńdà lè tẹ̀ yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá, ẹ jọ̀wọ́ mà, ẹ fèsì pẹ̀lú "Ẹ máa tẹ̀ ẹ́" tàbí àtúnṣe yín kí ó tó di agogo 12 ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá. Bí ìdáhùn bá kọjá ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 28, ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá ni a ó tó lè gbé e wá.
>
> Ẹ ṣeun mà.

Àkọlé rẹ̀: "Próòfù kàlẹ́ńdà 2026: ìfọwọ́sí yín kí ó tó di Ọjọ́bọ̀ 27 oṣù Kọkànlá". Mo fẹ́ fi í ránṣẹ́ sí olùdarí, bọ́sà àti olórí olùkọ́.

Akọ̀wé Àgbà

Ó ti gún. Ẹ ṣe dáadáa tí ẹ fi ọjọ́ sínú àkọlé, torí ẹni tí kò tilẹ̀ ṣí ímeèlì á rí i lórí fóònù. Ẹ tún ṣe dáadáa tí ẹ fi bèèrè ohun kan ṣoṣo. Ohun kan ló kù: ẹ̀tọ́ ìfọwọ́sí wà lọ́wọ́ ẹni kan. Ẹ fi olùdarí nìkan sí To, kí ẹ fi olórí olùkọ́ sí Cc. Bí èèyàn mẹ́ta bá wà ní To, oníkálukú á rò pé ẹni kejì ló máa dáhùn. Bọ́sà kò nílò èyí rárá, ìwé owó ń bọ̀ wá bá a.

Nípa ìránnilétí: bó bá di àárọ̀ Ọjọ́rú ọjọ́ 26 tí kò sí ìdáhùn, ẹ fèsì sórí ímeèlì kan náà. Ẹ má kọ "mo kàn ní kí n yọjú". Ẹ tún gbólóhùn tí ẹ fi bèèrè ìdáhùn yẹn kọ, ọjọ́ àti agogo rẹ̀ pẹ̀lú, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí Ọjọ́bọ̀ bá kọjá, fóònù ló kàn ní àárọ̀ Ẹtì. Lẹ́yìn ìpè, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣì fi "Ẹ máa tẹ̀ ẹ́" ránṣẹ́ nínú ímeèlì, torí ọ̀rọ̀ ẹnu kò ṣeé fi hàn bí àríyànjiyàn bá dé.

ỌmọBódìjà

Ẹ lè tò ó sílẹ̀ lónìí. Nínú Gmail lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ ọfà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Send, ẹ mú Schedule send, ẹ yan ọjọ́ 26, agogo 8 àárọ̀. Lórí fóònù, inú àmì ìdánudúró mẹ́ta lókè ló wà.

Àǹtí Ẹlẹ́kalẹ̀

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: Gmail kì í dá ímeèlì tí ẹ tò sílẹ̀ dúró nítorí pé oníbàárà ti fèsì. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i lọ́jọ́ Ajé, ìránnilétí á ṣì lọ ní Ọjọ́rú, á sì dà bíi pé ẹ kò ka ìdáhùn wọn. Bí ìdáhùn bá ti wọlé, ẹ lọ sínú Scheduled kí ẹ fagi lé e.

Onítẹ̀wé Mókólá

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù: bí wọ́n bá bẹ̀ mí pé kí n sún un sí ọjọ́ Ẹtì, ṣé kí n yí ọjọ́ inú àkọlé padà?

Akọ̀wé Àgbà

Rárá, ẹ fi àkọlé sílẹ̀. Bí ẹ bá yí i padà, Gmail á ya á sọ́tọ̀ bí ọ̀rọ̀ tuntun, próòfù á wà níhìn-ín, ìdáhùn á wà lọ́hùn-ún. Inú èsì ni kí ẹ kọ ọjọ́ tuntun sí, ní gbólóhùn tó kẹ́yìn: "Ó dára mà. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá, agogo 12 ọ̀sán, ni a ń retí ìdáhùn yín báyìí." Ẹ sì má gbà ju ìyẹn lọ, torí pé ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni ẹ fi sílẹ̀ fún àtúnṣe.